Kí Owó Tíkẹ́ẹ̀tì Má Dá Ìjà Sílẹ̀ Nínú Ẹbí

Bí ìdílé kan bá fẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù wá ṣe ìpàdé ẹbí n'Íbàdàn lóṣù Kejìlá, ẹnì kan á kọ ọ́ sórí Wasáàpù pé, "Ta ló ń bọ̀?" Gbogbo wọn á ní àwọn ń bọ̀, ṣùgbọ́n owó ò ní jáde. Kí wọ́n tó padà sọ́rọ̀ náà, tíkẹ́ẹ̀tì á ti gbówó lérí.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ sí ẹbí gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ àti iye nínú. Ó lè lọ báyìí:

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú ojúmọ́. Ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá la fẹ́ gbéra, a ó padà lọ́jọ́ 4 oṣù Kìíní. Ẹni tó bá ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí mi bó ṣe wà nínú páàsípọ́ọ̀tù, pẹ̀lú àsansílẹ̀ 150 pọ́n-ùn, ó pẹ́ tán ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà. Orúkọ tí owó bá tẹ̀ lé nìkan la ó gba àyè fún."

Ọ̀rọ̀ páàsípọ́ọ̀tù yẹn ṣe pàtàkì. Ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Àbẹ̀kẹ́ lè máà ní Àbẹ̀kẹ́ nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ rárá, àtúnṣe orúkọ lẹ́yìn tí tíkẹ́ẹ̀tì bá ti jáde sì lè náni lówó.

Ti yíyan tíkẹ́ẹ̀tì ló ń rú ọ̀pọ̀ lójú. Àyè inú bàálù kan náà ní oríṣiríṣi iye. Bí àyè tó dínwó bá ku mẹ́rin péré, tí èèyàn wá béèrè mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, iye tó ga ni ẹ̀rọ sábà máa ń kà fún àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Nítorí náà, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè iye tíkẹ́ẹ̀tì kan, kí wọ́n tó béèrè mẹ́wàá. Bí iye bá yàtọ̀, wọ́n lè pín in rà, ṣùgbọ́n kí òbí àti ọmọ wà lórí ìwé kan náà. Láti èèyàn mẹ́wàá sókè, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú máa ń dá iye kan fún ẹgbẹ́, wọ́n á gba àsansílẹ̀, wọ́n á sì fúnni láyè láti mú orúkọ wá tó bá yá. Iye yẹn kì í fìgbà gbogbo dínwó, ẹ fi wé tọjà lásán kí ẹ tó sanwó.

Ó wá ku pípín. Ká ní àgbà mẹ́jọ ń bọ̀ ní 700 pọ́n-ùn, ọmọdé méjì ní 525, àti ọmọ ọwọ́ kan ní 70. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 6,720. Ìyá àgbà wà lára àwọn mẹ́jọ náà, kò sì ní sanwó. Àgbà méje tó kù á fi 100 kún tiwọn láti fi ra tíkẹ́ẹ̀tì màmá, yóò jẹ́ 800 lórí kálukú. Àwọn òbí ló máa san tọmọ wọn.

Ẹni tó bá yẹ̀ lẹ́yìn náà ńkọ́? Àdéhùn ni kí ẹ ṣe ṣáájú: ohun tí ilé-iṣẹ́ bá dá padà nìkan ni yóò gbà. Bí ẹgbẹ́ bá sì já wálẹ̀ sí mẹ́sàn-án, iye ẹgbẹ́ lè bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ kọ gbólóhùn yìí sínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá jẹ́ sí ẹbí, kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀.