Kí Ẹ Tó Ra Oúnjẹ Lẹ́bàá Ọ̀nà: Ẹ Wo Ooru, Ẹ Wo Ọwọ́, Ẹ Wo Omi

A kì í fojú rí kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n a lè rí ọ̀nà tó ń gbà dé inú abọ́. Kí ẹ tó ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún yín, ẹ jẹ́ kí olóúnjẹ dá ẹni kan tàbí ẹni méjì lóhùn ṣáájú yín. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ máa wò.

1. Ooru

Inú oúnjẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kòkòrò àrùn ti ń yára pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ pé oúnjẹ tí a ti sè kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ láìgbóná ju wákàtí 2 lọ. Bí olóúnjẹ bá ṣí ìkòkò, ó yẹ kí ooru rú jáde. Ọbẹ̀ tó wà lórí iná yẹ kó máa hó. Kúlà kò burú, tí wọ́n bá bu oúnjẹ sí i nígbà tó ṣì ń gbóná janjan, tí wọ́n sì ń dé e padà kíá. Ṣùgbọ́n kúlà kì í mú oúnjẹ tútù gbóná.

Ìrẹsì ni kí ẹ ṣọ́ jù. Kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ tí iná kì í pa tán. Bí ìrẹsì bá wà ní wọ́ọ́rọ́ fún ìgbà pípẹ́, kòkòrò náà á jí, á sì tu májèlé sínú rẹ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ tún gbé ìrẹsì náà kaná, májèlé yẹn kì í lọ.

2. Ọwọ́

Ta ló ń gba owó? Ó dára bí ẹni kan bá ń bu oúnjẹ, tí ẹlòmíràn sì ń gba owó. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni, ẹ wò ó bóyá ṣíbí ló fi ń mú ẹran, tàbí ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka náírà ló fi ń yan pọ̀mọ́. Láílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi bọ ọwọ́ kò wúlò mọ́ bí wọ́n bá ti fi gba owó. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń ṣí láílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń di oúnjẹ sí: ẹlòmíràn a tọ́ ìka lá, ẹlòmíràn a fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí ọwọ́ olóúnjẹ bá ní egbò tàbí eéwo tí wọn kò dì, ẹ kọjá lọ.

3. Omi

Ẹ wo ẹ̀yìn tábìlì, níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Ó kéré tán, ó yẹ kí báfù méjì wà, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún omi tí wọ́n fi ń ṣan abọ́. Bí omi ìṣanbọ́ bá ti dúdú, tí epo léfòó lórí rẹ̀, ìdọ̀tí abọ́ àárọ̀ ni wọ́n ń fi ra abọ́ ọ̀sán. Bó bá jẹ́ aṣọ kan náà ni wọ́n fi ń nu tábìlì tí wọ́n tún fi ń nu abọ́, bákan náà ni. Omi àti oúnjẹ tó ní ìdọ̀tí ìgbẹ́ ni onígbáméjì ń bá wọlé, irú èyí tó jà ní Èkó lọ́dún 2024.

Àpẹẹrẹ kan

Aago méjì ọ̀sán ni, ní gáréèjì kan. Olóúnjẹ àkọ́kọ́ tẹ́ aṣọ tó dára sórí tábìlì, ó wọ épírọ́ọ̀nù funfun. Àmọ́ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ìrẹsì rẹ̀ ti wà nínú kúlà, ooru kò rú mọ́ nígbà tó ṣí i, òun náà ló sì ń gba owó tó ń fọwọ́ mú ẹran. Ìkòkò olóúnjẹ kejì ti dúdú nítorí èéfín, ṣùgbọ́n ẹ̀wà rẹ̀ ń hó lórí iná, ọmọ rẹ̀ ló ń gba owó, ó sì da omi ìṣanbọ́ nù lójú yín, ó pọn òmíràn. Ọ̀dọ̀ ẹnì kejì ni kí ẹ ti jẹun.

Bó bá jẹ́ ọbẹ̀ nìkan ló tutù, tí kò sì tíì pẹ́ tí wọ́n sọ̀ ọ́, ẹ lè sọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi gbé e kaná kó hó.” Bó bá jẹ́ abọ́ ni kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gba oúnjẹ sínú abọ́ tiyín.

Ohun tí ojú kò lè rí

Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè gbé kòkòrò ibà jẹ̀funjẹ̀fun kiri. Nítorí náà, àmì wọ̀nyí ń dín ewu kù ni, wọn kò mú un kúrò pátápátá.

Bí inú bá dàrú

Èébì tó bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 1 sí 6 lẹ́yìn oúnjẹ sábà máa ń jẹ́ ti májèlé. Bí ìgbẹ́ bá ń tú bí omi ìrẹsì, ẹ po oògùn oníyẹ̀fun tí a ń pè ní ORS mọ́ omi tó mọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára pálí rẹ̀. Ẹ máa mu ún bí ẹ ti ń lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì.