Ìbáramu àti Ìpéye: Fífi Ẹ̀rọ GPS Wọn Ààlà Ilẹ̀

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Bí ẹ̀rọ GPS bá ka ibì kan lẹ́ẹ̀mélòó kan, tí àwọn ìwọ̀n náà sì súnmọ́ ara wọn, *ìbáramu* ni a ó pè é. Bí wọ́n bá súnmọ́ ibi tí òpó ààlà wà ní tòótọ́, *ìpéye* nìyẹn. Ìwọ̀n lè ní èkíní kí ó má ní èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a fi púlọ́ọ̀tì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe àpẹẹrẹ, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà, èyíinì ni 15.2 mítà. Awọnlẹ̀ gbé ẹ̀rọ alágbèéká lé òpó igun kan, ó sì gba ìwọ̀n 60 ní ìṣẹ́jú kan. Ó ro wọ́n pọ̀, ó fi 60 pín in. Iye tí ó rí ni a ń pè ní *àròpín*. Ní ìhà ìlà-oòrùn, òǹkà ìparí àròpín náà jẹ́ 412.3 mítà, kò sì sí ìwọ̀n kan tí ó fi ju ìdajì mítà lọ yàtọ̀ sí i. Bí ó bá gbẹ́kẹ̀lé iye ìwọ̀n 60 yìí, yóò sọ pé àṣìṣe òun kò ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ. Ẹ̀tàn ni. Sátẹ́láìtì kan náà àti òfurufú kan náà ni ó bí gbogbo wọn, nítorí náà àṣìṣe kan náà ni wọ́n jọ gbé. Ó dà bí ẹni pé a bi ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ní ìbéèrè kan nígbà 60.

Nítorí èyí, awọnlẹ̀ padà síbẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta mìíràn, ní wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àròpín tí ó rí ni 416.1, 410.9 àti 413.7. Àròpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 413.25. Ó wo ìyàtọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i, ó sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, ó sì ro wọ́n pọ̀:

√(14.75 ÷ 3) ≈ 2.2 mítà
2.2 ÷ √4 = 1.1 mítà

1.1 mítà yìí ni òdiwọ̀n àṣìṣe tí ó tọ́ kí ó kọ sílẹ̀. A ó ṣe bákan náà fún ìhà àríwá.

Síbẹ̀, ìbáramu nìkan ni a ṣì ń sọ. Láti mọ ìpéye, a níláti gbé ẹ̀rọ lé òpó tí ìwé àkọsílẹ̀ ti sọ ibi tí ó wà, nítòsí púlọ́ọ̀tì náà. Àṣìṣe tí a rí lórí òpó kan ní Ọ̀yọ́ lówùúrọ̀ kò ṣe é gbé lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sàn-án. Bí gbogbo igun bá yẹ̀ sí ìhà kan náà ní iye tí ó lé ní 80 mítà, kí a má di ẹ̀bi ru sátẹ́láìtì: ìpìlẹ̀ ìwọ̀n ni ó yàtọ̀. Ìpìlẹ̀ Mínnà ni a fi ya ọ̀pọ̀ pílánù àtijọ́ ní Nàìjíríà. WGS84 ni ẹ̀rọ ń lò. Àròpín kankan kò lè wo èyí sàn.

Fífẹ̀ púlọ́ọ̀tì ní òpó méjì, òpó kọ̀ọ̀kan sì ní àṣìṣe tirẹ̀. Bí a bá wọ̀n wọ́n ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àṣìṣe fífẹ̀ náà di 1.1 × √2, bí i 1.6 mítà, ìdá kan nínú mẹ́wàá fífẹ̀ náà. Ó tó láti fi wá ilẹ̀ rí lórí máàpù. Kò tó láti fi ri òpó mọ́lẹ̀ láàárín aládùúgbò méjì. Fún ìyẹn, ẹ̀rọ méjì tí awọnlẹ̀ ń lò ni a nílò, kí ọ̀kan dúró lórí òpó tí a mọ̀, kí èkejì wà ní igun ilẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà, kí a lè yọ àṣìṣe tí wọ́n jọ ní kúrò.