Kúbùsù kúróṣé: ṣé ká rán ègé rẹ̀ pọ̀ ni, àbí ká so ó bí a ti ń hun ún?

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé sí Lomé, òtútù ìdájí a máa mú kí àwọn ìyá ọmọ tuntun wá kúbùsù. Aládùúgbò mi kan pinnu láti hun ọ̀kan fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì hun ègé onígun mẹ́rin 48, àyíká ìkẹyìn nìkan ló kù lára wọn. Bí a bá to ègé mẹ́fà ní ìbú àti mẹ́jọ ní òró, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, kúbùsù náà yóò fẹ̀ ní 90, yóò sì gùn ní 120. Ó wá ku bí wọn yóò ti dà wọ́n pọ̀.

Ẹni tí yóò rán an á kọ́kọ́ parí gbogbo ègé, á tò wọ́n sórí ẹní, á sì máa pààrọ̀ àwọ̀ wọn títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí ègé kan bá bàjẹ́ lẹ́yìn náà, ó ṣeé tú kúrò. Ṣùgbọ́n ibi tí ègé ti pàdé ègé jẹ́ 82. Bí a bá ń rán wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, orí òwú 164 ni a óò fi pamọ́, èyí tó bá sì tú nínú omi ìfọṣọ lè lọ́ mọ́ ìka ọmọ. Ó sàn kí a rán an ní ìlà gígùn: ìlà 12 péré, orí òwú 24. Kí a má sì fà á le. Bí a bá na kúbùsù náà, tí ègé nà ṣùgbọ́n tí ojú rírán kò nà, a ti fà á le jù nìyẹn.

Ẹni tí yóò so ó bí ó ti ń hun á parí ègé kìíní. Láti orí ìkejì, bí ó bá ti hun ojú mẹ́ta tán ní ẹ̀gbẹ́ tó kan èkejì rẹ̀, yóò ki ìkọ́ bọ àlàfo tó wà lára ègé kejì, yóò fa òwú jáde, yóò sì padà sórí tirẹ̀. Kò sí ojú rírán, kò sí orí òwú tuntun kankan fún ìdàpọ̀. Níbi tí igun mẹ́rin ti pàdé, inú kókó tó so àwọn ti ìṣáájú ni kí ó ki ìkọ́ sí, kí ihò má baà yawọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iye àlàfo gbọ́dọ̀ dọ́gba, ètò àwọ̀ sì gbọ́dọ̀ ti parí ṣáájú, nítorí pé títú ègé kan láàrin kò rọrùn mọ́.

Nítorí ìka ọmọ, aládùúgbò mi yan èyí. Ègé mẹ́rin àkọ́kọ́ hunjọ. Nígbà tó wọ̀n wọ́n, àwọn ti àbúrò rẹ̀ kan kéré sí tirẹ̀, nítorí pé ọwọ́ ọmọ náà le. Rírán ì bá má wo èyí sàn, bẹ́ẹ̀ ni síso kò lè wò ó. Ó tú ègé méje tó kéré, ó fi ìkọ́ tó tóbi jù ú lọ hun wọ́n padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ síso lákọ̀tun. Lọ́tẹ̀ yìí, kúbùsù náà tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ẹní.