60 ní Àlọ, 40 ní Àbọ̀: Ìdí tí 50 Kò Fi Jẹ́ Ìdáhùn

Ọkọ̀ kan gbéra láti ìlú kan lọ sí òmíràn, ó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan. Ọ̀nà yẹn kan náà ló gbà padà, àmọ́ kìlómítà 40 ní wákàtí kan ló ń sá bọ̀. Kí ni ìpíndọ́gba eré tó sá ní àlọ àti àbọ̀? Ó ti pẹ́ tí àwọn tíṣà ìṣirò ti ń bi ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní irú ìbéèrè yìí. Kò sọ bí ìlú méjèèjì ṣe jìnnà síra tó, ohun tó sì ń mú kó dà bí èyí tó rọrùn nìyẹn.

Ọmọ SS1 kan tó bá a pàdé nínú tẹ́ẹ̀sì kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ro 60 pọ̀ mọ́ 40, ó di 100, ó pín in sí méjì, ó kọ 50, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ìwé padà, tíṣà ti fi bírò pupa fagi lé 50, ó kọ 48 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà tún un ṣe, 50 náà ló tún jáde. Ó yọjú sí ìwé àwọn tó jókòó tì í, 50 ni ọ̀pọ̀ wọn kọ. Ó wá gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé tíṣà ló ṣì í. A ò lè dá a lẹ́bi: kò sí àṣìṣe nínú bó ṣe ro ó àti bó ṣe pín in. Ibi tí àṣìṣe wà ni ohun tó yàn láti rò pọ̀.

Ohun tó padà là á lójú ni pé ó fún ọ̀nà náà ní gígùn. Ó mú kìlómítà 120, nítorí pé 60 àti 40 máa ń pín in láìṣẹ́kù. Kìlómítà 120, ní 60 ní wákàtí kan, wákàtí méjì ni àlọ. Kìlómítà 120 yẹn náà, ní 40 ní wákàtí kan, wákàtí mẹ́ta ni àbọ̀. Ó wá kọ eré ọkọ̀ náà sílẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan: 60, 60, 40, 40, 40. Ibẹ̀ ló ti dákẹ́. Nǹkan márùn-ún ló wà níwájú rẹ̀, kì í ṣe méjì, 40 sì pọ̀ ju 60 lọ nínú wọn. Ó rò wọ́n pọ̀, ó di 240. Ó pín in sí márùn-ún, ó di 48.

Níbi tó ti kọ 50, ńṣe ló gbà pé àlọ àti àbọ̀ gba àkókò kan náà. Gígùn ọ̀nà ló dọ́gba, àkókò kò dọ́gba. Eré sì ni iye kìlómítà tí ọkọ̀ rìn nínú wákàtí kan, nítorí náà wákàtí ló ń sọ ìwọ̀n tí eré kọ̀ọ̀kan yóò ní nínú ìpíndọ́gba. Ọkọ̀ tó ń rọra lọ máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà ju èyí tó ń sáré lọ, ìdí nìyẹn tí ìdáhùn fi máa ń sún mọ́ eré tó kéré.

Ṣé 120 tó mú ló gbé 48 jáde ni? Rárá. Tó bá jẹ́ kìlómítà 60 ni ọ̀nà náà, àlọ yóò gba wákàtí kan, àbọ̀ yóò gba wákàtí kan ààbọ̀. Kìlómítà 120 tí a fi wákàtí méjì ààbọ̀ rìn, 48 náà ni.

50 tí ọmọ náà kọ ní ìbéèrè tirẹ̀, àmọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n bi í. Ká ní ọkọ̀ náà fi wákàtí méjì sá 60, tó tún fi wákàtí méjì sá 40, yóò rin kìlómítà 120 àti 80, ìyẹn 200, ní wákàtí mẹ́rin. Ìpíndọ́gba rẹ̀ yóò sì jẹ́ 50 gééré.

Bí eré méjèèjì bá ṣe jìnnà síra tó ni ìdáhùn tòótọ́ ṣe ń jìnnà sí àárín tó. Ní 80 àti 20, àárín ṣì ni 50, àmọ́ 32 ni ìdáhùn: kìlómítà 80 gba wákàtí kan ní àlọ, ó gba mẹ́rin ní àbọ̀.

Ìbéèrè kan tún wà tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ti sá 60 ní àlọ. Mélòó ni kó sá bọ̀ kí ìpíndọ́gba rẹ̀ lè jẹ́ 120? Ẹni tó bá ṣì ń rò ó bíi ti tẹ́lẹ̀ yóò sọ pé 180. Àmọ́ ní ọ̀nà kìlómítà 120, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 240, ẹni tó fẹ́ ní ìpíndọ́gba 120 sì gbọ́dọ̀ fi wákàtí méjì péré rìn ín. Àlọ nìkan ti gba wákàtí méjèèjì. Eré yòówù kí awakọ̀ náà sá bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò lè tẹ 120.