Kẹ́tùlù àti Ṣájà Fóònù Lórí Sọ́kẹ́ẹ̀tì Kan Náà: Ìdí Tí Iná Tí Wọ́n Ń Fà Kò Fi Dọ́gba

Ìwé ìlàlóye fún onílé àti ayálégbé

Iná tí kẹ́tùlù ń fà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan lè ju ti ṣájà fóònù lọ ní ìlọ́po 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé yìí ṣàlàyé ohun tó fà á àti bí ẹ ṣe lè ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ẹ ó tún rí ìdí tí ẹkisiténṣọ̀n tó ti ń gba ṣájà mẹ́rin láti ọjọ́ pípẹ́ fi lè yọ́ lábẹ́ kẹ́tùlù kan ṣoṣo.

Fólítì, áńpù àti wáàtì

Fólítì ni a fi ń wọn agbára tó ń ti iná jáde láti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ní Nàìjíríà, 230 fólítì ni ìwọ̀n tí wọ́n là kalẹ̀ fún ilé gbígbé, ó sì wà lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì yálà ẹ ki nǹkan bọ̀ ọ́ tàbí ẹ kò ki nǹkan bọ̀ ọ́. Áńpù ni a fi ń wọn bí iná tó ń ṣàn gba inú wáyà ṣe pọ̀ tó. Wáàtì ni a fi ń wọn bí iná ṣe ń yára ṣiṣẹ́, ìbáà ṣe omi ló ń sè tàbí bátìrì ló ń kún.

Ẹ wo tánkì omi tí ẹ̀rọ méjì wà lára páìpù rẹ̀. Agbára kan náà ló ń ti omi wá sẹ́nu méjèèjì, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ṣí gbayawu ń dà yàà, èyí tí ẹ ṣí díẹ̀ sì ń kán tó, tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni sọ́kẹ́ẹ̀tì kì í ti áńpù wọ inú ohun èlò. Ohun èlò fúnra rẹ̀ ló ń fa ìwọ̀n tó bá ìdènà inú rẹ̀ mu, ìdènà yẹn la sì ń fi óòmù wọ̀n. Irin agbóná tó wà nídìí kẹ́tùlù ní ìdènà tó kéré gan-an, nítorí náà iná púpọ̀ ń rọ́nà gbà kọjá.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀

Ẹ dojú kẹ́tùlù délẹ̀ nígbà tí kò sí omi nínú rẹ̀, tí ẹ sì ti yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ kẹ́tùlù, ẹ ó rí irú èyí:

```
220-240V~ 50/60Hz 1850-2200W
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí fólítì bá jẹ́ 220, kẹ́tùlù náà yóò lo wáàtì 1,850. Tó bá jẹ́ 240, yóò lo 2,200. Láàárín méjèèjì, ní 230 fólítì, yóò lo nǹkan bí wáàtì 2,020. Láti mọ áńpù, ẹ fi fólítì pín wáàtì:

```
2020 ÷ 230 = 8.8 A
```

Lára ṣájà, ẹ lè rí èyí:

```
INPUT: 100-240V~ 50/60Hz 0.35A
OUTPUT: 5V 2A
```

Ibí yìí ló máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Áńpù 2 yẹn kì í ṣe ti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Okùn tó lọ sínú fóònù ló ń gbà á kọjá, fólítì 5 péré ló sì ń tì í. 5 lọ́nà 2 jẹ́ wáàtì 10. Díẹ̀ ń ṣòfò di ooru nínú ṣájà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká pe ohun tó ń gbà láti sọ́kẹ́ẹ̀tì ní wáàtì 12:

```
12 ÷ 230 = 0.05 A
```

Mítà oníṣẹ́ iná lè ka tó áńpù 0.1, torí pé irú ṣájà bẹ́ẹ̀ kì í fa iná geere bí kẹ́tùlù, ńṣe ló ń fà á ní ìdákúrekú. Áńpù 0.35 tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù tó lè fà, pàápàá níbi tí fólítì bá ti kéré. Bí ẹ bá tiẹ̀ fi 0.1 ṣírò, ti kẹ́tùlù ṣì fi ìlọ́po 88 jù ú lọ.

Nígbà tí iná kò bá lágbára tó

Ká ní fólítì já wálẹ̀ sí 160, tí gílóòbù ń ṣe bàìbàì. Ìdènà kẹ́tùlù wa, tó jẹ́ nǹkan bí óòmù 26, kò yí padà. Nítorí náà, áńpù rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 6.1, wáàtì rẹ̀ yóò sì di 977 péré. Àpapọ̀ àdínkù fólítì àti áńpù ló fà á tí omi fi máa ń pẹ́ ju ìlọ́po méjì àkókò kó tó hó.

Ṣájà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń rí i pé fóònù ń gba wáàtì 10 rẹ̀ pé, torí náà bí fólítì ṣe ń dín kù, ńṣe ni áńpù rẹ̀ ń pọ̀ sí i díẹ̀. Ìdí nìyí tí fóònù fi ń gba iná síbẹ̀ nígbà tí kẹ́tùlù ń pẹ́ gan-an kó tó se omi hó.

Ibi tí ewu ti ń wá

Ooru inú wáyà kì í pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú áńpù. Bí áńpù bá di ìlọ́po méjì, ooru yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bó bá di ìlọ́po 10, ooru yóò di ìlọ́po 100. Ká ní irin inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ti dẹ̀, tí ìdènà ojú ibi tó ti kan ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì sì jẹ́ óòmù 0.1. Pẹ̀lú ṣájà, ooru ibẹ̀ kò ju ìdá kan nínú 1,000 wáàtì lọ, ẹ kò ní mọ̀. Pẹ̀lú kẹ́tùlù, ó ń tó wáàtì 7.7, gbogbo rẹ̀ sì kó jọ sójú ibi tóóró kan. Ibẹ̀ ni ike ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Ìdí tí ẹkisiténṣọ̀n fi ń jóná náà nìyẹn. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó fẹ̀ sábà máa ń ní fíúsì áńpù 13 nínú. Bí kẹ́tùlù (8.8) àti áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,200 (5.2) bá jọ wà lórí ẹkisiténṣọ̀n kan, áńpù 14 ni. Ẹ má retí pé fíúsì yóò já lójú ẹsẹ̀: ó lè fara da ìwọ̀n tó ju 13 lọ díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, nígbà tí wáyà tín-ín-rín ń gbóná lọ.

Ohun tí ẹ ó ṣe

1. Ẹ ki kẹ́tùlù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri tààrà. Ṣájà, rédíò àti gílóòbù tábìlì ni ẹ lè kó sórí ẹkisiténṣọ̀n.
2. Kí ẹ tó kó nǹkan pọ̀ sójú kan, ẹ ro wáàtì gbogbo wọn pọ̀, ẹ fi 230 pín in. Ẹ rí i pé èsì rẹ̀ kò tó 13, kò sì ju iye tí wọ́n kọ sára ẹkisiténṣọ̀n náà lọ.
3. Jẹnẹrétọ̀ oníwáàtì 650 kò lè ju áńpù 2.8 lọ. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ṣájà, kò lè gba kẹ́tùlù yìí.
4. Lẹ́yìn tí omi bá hó, ẹ pa sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ sì fọwọ́ kan ara ike rẹ̀. Ìlọ́wọ́wọ́ kì í ṣe àléébù. Bó bá gbóná débi pé ẹ kò lè dì í mú, tí ike ti pọ́n bíi tábà, tí ẹ ń gbóòórùn ike tó ń jó, tàbí tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ń dún ṣìì, ẹ má lò ó mọ́. Ẹ pe oníṣẹ́ iná kó pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, kó sì yẹ púlọ́ọ̀gì àti wáyà wò.
5. Bí fíúsì bá já, òmíràn tó ní áńpù kan náà ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Wáyà tàbí bébà fàdákà inú páálí sìgá kì í já nígbà tó yẹ kó já.