Kí Ẹ Tó Gba Sọ̀wédowó Lọ́wọ́ Oníbàárà

Ká sọ pé ìyá kan ń ta pákó ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ilé ìwé aládàáni kan wá ra pákó ìrùlé lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦480,000. Bọ́sà ilé ìwé náà fa ìwé sọ̀wédowó yọ, ó kọ ọ́, ó ya á, ó sì fi lé ìyá lọ́wọ́. Pákó ti wà lórí ọkọ̀, awakọ̀ ti ń kanjú. Ìyá wo nọ́ńbà tó wà nínú àpótí kékeré tó wà lápá ọ̀tún, ó rí i pé iye owó òun ló wà níbẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì ní kí ọkọ̀ máa lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, báńkì dá sọ̀wédowó náà padà fún un. Owó wà nínú àkáǹtì ilé ìwé náà dáadáa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nọ́ńbà ní 480,000, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí bọ́sà kọ sórí ìlà ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó ó lé mẹ́jọ.

Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló gbà pé ewu kan ṣoṣo tó wà nínú sọ̀wédowó ni pé kó má sí owó nídìí rẹ̀. Wọ́n tún gbà pé ọwọ́ òfin ń bẹ lẹ́yìn àwọn, torí pé láti ọdún 1977 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ pé kí èèyàn fi sọ̀wédowó tí kò lówó nídìí gba ọjà tàbí gba àwìn. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni fún ẹni tó bá jẹ̀bi, kò sì sí pé ó lè san owó ìtanràn dípò. Bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ni, owó ìtanràn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ₦5,000, iye tí kò lè ra odidi àpò sìmẹ́ǹtì kan lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka òfin náà dáadáa yóò rí i pé ohun kan péré ló ń bá wí: sọ̀wédowó tí báńkì dá padà nítorí pé kò sí owó, tàbí owó kò tó, nínú àkáǹtì ẹni tó kọ ọ́. Èyí tí wọ́n dá padà nítorí pé ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà kò bára mu, tàbí pé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, tàbí pé ìbuwọ́lù rẹ̀ kò jọ ti inú ìwé báńkì, kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Gbèsè náà kò tíì kúrò lọ́rùn ẹni tó jẹ ẹ́ o, ẹ ṣì lè pè é lẹ́jọ́ kí ẹ gbowó yín. Àmọ́ ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n tí ì bá mú un sáré wá san án ti kúrò nílẹ̀. Àwọn gbajúmọ̀ kan sì wà tí wọ́n mọ èyí dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìdúró pa ọlọ́jà kò nílò láti kọ sọ̀wédowó òfìfo, kó ṣáà kọ èyí tó ní àbùkù, kó máa sọ pé, "Háà, ẹ má bínú, àṣìṣe ni, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò fi gbọ́dọ̀ wáyé lójú ẹni tó kọ ọ́, kí ọjà tó kúrò nílẹ̀.

Ọjọ́ orí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá ṣì wà níwájú, báńkì kò ní san án títí ọjọ́ náà yóò fi pé. Irú sọ̀wédowó bẹ́ẹ̀ kò burú lójú òfin, ṣùgbọ́n ìlérí ni, kì í ṣe owó. Ẹni tó gbà á ti ta àwìn, bó mọ̀ bí kò mọ̀. Ní òdìkejì, sọ̀wédowó tó bá ti lé ní oṣù mẹ́fà ti di àpatì, báńkì yóò sì dá a padà. Oṣù kìn-ín-ní ọdún ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù lọ, torí pé ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì máa ń kọ ọdún tó kọjá. Ẹni tó kọ 12 oṣù kìn-ín-ní tó sì fi ọdún tó kọjá sí i ti fún yín ní ìwé tó ti pé ọdún kan lọ́jọ́ tí ẹ gbà á. Bí wọn kò bá kọ ọjọ́ kankan sí i ńkọ́? Ẹ dá a padà fún un kó kọ ọ́ lójú yín. Ẹ má ṣe fi bírò tiyín kọ ọ́, kí ìwé náà má baà gbé ọwọ́ ìkọ̀wé méjì wọ báńkì.

Ti iye owó ló máa ń fa wàhálà jù. Òfin sọ̀wédowó tí a ń lò ní Nàìjíríà, tó ti wà látayé àwọn Òyìnbó, sọ pé bí ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà bá yàtọ̀ síra, ọ̀rọ̀ ló lékè. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí ìyá onípákó wa ní lẹ́tọ̀ọ́ sí lórí ìwé yẹn jẹ́ ₦408,000, kì í ṣe ₦480,000, àlàfo ₦72,000 sì ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ báńkì kì í sábà dúró ṣe adájọ́ láàárín ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà. Ó máa ń dá ìwé náà padà ni, kó kọ ọ́ sí i pé méjèèjì kò bára mu. Torí náà, ẹ ka ọ̀rọ̀ náà sókè, kí ẹ fi ìka tọ́ nọ́ńbà bí ẹ ti ń kà á. Bí ẹ kì í bá ka Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ní kí ẹni tó kọ ọ́ kà á fún yín, kí ẹnìkan tí ẹ fọkàn tán sì tún un kà.

Ẹ tún wo àlàfo. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti etí ìlà lápá òsì, kí wọ́n sì fa ìlà dí ibi tó ṣẹ́kù. Kí nọ́ńbà náà fara mọ́ àmì náírà pẹ́kípẹ́kí. Ẹ ó rò pé tẹni tó kọ ọ́ nìyẹn, torí pé àkáǹtì tirẹ̀ ni ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ kún un yóò fa owó yọ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ìwé bá ní àmì àtúnkọ, ẹ̀yin tó mú un lọ sí báńkì ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi léèrè. Láti ọdún 2013, àwọn báńkì Nàìjíríà kì í gbé ìwé sọ̀wédowó fúnra rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ara wọn mọ́. Àwòrán rẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ibi tí wọ́n bá ti fá nǹkan rẹ́, tàbí tí bírò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá ti pàdé, máa ń hàn nínú àwòrán ju bí ó ti hàn lójú lọ. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti gégi lé nǹkan lórí, ẹ béèrè òmíràn. Ewé kan nínú ìwé sọ̀wédowó kò wọ́n ju ìrìn àjò ẹ̀ẹ̀mejì sí báńkì lọ. Bí owó náà bá sì ju mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lọ, ẹ má wulẹ̀ gbà á. Báńkì Àpapọ̀ kò jẹ́ kí sọ̀wédowó tó ju iye yẹn lọ kọjá láti báńkì kan sí òmíràn.

Ti orúkọ máa ń dun èèyàn, torí pé ọ̀rẹ́ ló sábà máa ń fà á. Oníbàárà tó mọ̀ yín sí Ìyá Ìbejì tàbí Alhaja Onípákó lè kọ orúkọ yẹn gan-an sórí sọ̀wédowó, báńkì kò sì mọ Ìyá Ìbejì. Òmíràn á kọ orúkọ tó rí lára pátákó ìsọ̀, nígbà tó jẹ́ pé orúkọ ara yín ni ẹ fi ṣí àkáǹtì. Àwọn obìnrin ni èyí máa ń dà láàmú jù: orúkọ bàbá ni wọ́n fi ṣí àkáǹtì nígbà tí wọn kò tíì lọ́kọ, orúkọ ọkọ sì ni gbogbo ọjà mọ̀. Kò sí ọgbọ́n méjì sí i ju pé kí ẹ kọ orúkọ àkáǹtì yín sínú ìwé pélébé kan, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀, kí ẹ gbé e síwájú ẹni tó ń kọ sọ̀wédowó kó wò ó kọ. Ẹ má gba èyí tí wọ́n fi àyè orúkọ sílẹ̀ lófìfo. Bó bá bọ́ lápò yín, ẹni tó bá he é lè kọ orúkọ tirẹ̀ sí i.

Ìlà méjì tó dábùú igun sọ̀wédowó túmọ̀ sí pé inú àkáǹtì nìkan ni owó náà lè gbà wọlé, kì í ṣe lórí kántà. Bí kò tilẹ̀ sí ìlà náà, láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Báńkì Àpapọ̀ ti sọ pé sọ̀wédowó tí ẹlòmíràn kọ fún yín, tó bá ti ju ₦100,000 lọ, kò ṣeé gbà lówó lórí kántà. Ẹni tó ń retí pé òun á fi owó ilé ìwé yẹn san owó ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà ti ṣe ìṣirò rẹ̀ ní òdì.

Ó wá ku ìbuwọ́lù, ibi tí ojú yín kò ti lè dé ìdí ọ̀rọ̀. Àpẹẹrẹ ìbuwọ́lù tí báńkì ń fi wé e wà lọ́dọ̀ wọn, wọn kò sì ní fi hàn yín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹ lè bi bọ́sà yẹn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń buwọ́ lù ú?" Àkáǹtì ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ sábà máa ń ní ẹni méjì tó ń buwọ́ lù ú. Bí ẹyọ kan péré bá wà níbi tó yẹ kí méjì wà, dídápadà ló máa yọrí sí. Ẹ fẹ́ kí wọ́n buwọ́ lù ú lójú yín. Ẹni tó bá gbé ìwé tí wọ́n ti buwọ́ lù sílẹ̀ wá, tó wá ń kọ iye owó sí i níbẹ̀, gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó buwọ́ lù ú, kí ẹ sì pe onítọ̀hún lórí fóònù tí ẹ̀yin fúnra yín wá rí, kì í ṣe èyí tí oníbàárà ka fún yín. Ìbuwọ́lù ayédèrú kò ní agbára kankan lójú òfin. Bí ẹ bá tilẹ̀ fi inú kan gbé ọjà sílẹ̀, ẹ kò lè fi ìwé náà gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni àkáǹtì. Bí owó bá pọ̀, ẹ ní kí ẹni tó kọ ọ́ pe báńkì rẹ̀ ṣáájú láti jẹ́rìí sí i. Báńkì lè pè é kí wọ́n tó san owó ńlá, bí kò bá sì gbé fóònù, wọ́n lè dá a padà.

Gbogbo àyẹ̀wò yìí kò lè sọ fún yín bóyá owó wà nínú àkáǹtì. Owó nìkan ló lè sọ ìyẹn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mú sọ̀wédowó wọlé, iye náà lè hàn nínú àkáǹtì yín kí báńkì kejì tó san án. Iye tí wọ́n sọ pé ẹ lè ná ni kí ẹ wò, kì í ṣe àròpọ̀ gbogbo rẹ̀. Bí ọjà bá lè dúró títí ìyẹn yóò fi wọlé, ẹ jẹ́ kó dúró.

Bí wọ́n bá sì dá a padà, ẹ gba ìwé náà àti èyí tí báńkì kọ ìdí rẹ̀ sí. Bó bá jẹ́ àìsí owó ló fà á, òfin 1977 kò ní bá yín ṣiṣẹ́ àyàfi tí ẹ bá ti mú un lọ sí báńkì láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i, bí báńkì tilẹ̀ ń gbà á títí di oṣù mẹ́fà. Ẹni tó kọ ọ́ lè wá bẹ̀ yín pé kí ẹ kó ìwé náà fún òun, pé òun á kọ òmíràn. Ẹ má kó o fún un kí owó tó wọlé.