Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Àwòrán Tó Ń Múni Wọ Ilé Láti Yàrá Dé Yàrá

Láti ọdún 2024 ni Instagram ti gba àwòrán 20 láàyè nínú ìkéde kan ṣoṣo. 10 péré ni tẹ́lẹ̀. Èyí bá àwọn alágbàtà ilé lára mu, torí olùwò lè fi ìka gbá àwòrán sí òsì títí yóò fi rìn gbogbo ilé já. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sábẹ́ àwòrán ló yẹ kó máa mú un lọ́wọ́ rìn.

Lẹ́tà 2,200 ni ọ̀rọ̀ náà lè gùn dé, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń hàn kí èèyàn tó tẹ̀ ẹ́ kí ìyókù tó ṣí. Nítorí náà, “Ilé arẹwà rèé, ẹ wá wò ó” ti fi ààyè tó ṣe iyebíye ṣòfò. Ẹ jẹ́ ká mú báńgálò oníyàrá mẹ́ta kan ní Akóbò, n'Ìbàdàn. Èmi á bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Báńgálò oníyàrá mẹ́ta, Akóbò. Ẹ gbá a dé àwòrán 5, ẹ wo yàrá ńlá tó ní balùwẹ̀ tirẹ̀.” Iye owó á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni yàrá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà àwòrán rẹ̀, bí ẹni tó gba ẹnu géètì wọlé ṣe máa bá wọn pàdé: pálọ̀, ilé ìdáná, ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn yàrá, ẹ̀yìnkùlé.

Ohun tí ojú kò lè rí nínú àwòrán ni kí a kọ síwájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Kámẹ́rà fóònù tó ń mú ibi gbòòrò máa ń sọ yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10 di gbọ̀ngàn. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ara ògiri dé ara ògiri, kí ẹ kọ ọ́: “Àwòrán 2: pálọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 18 sí 14.” Ẹ̀rọ omi tó ń dán nínú àwòrán kò sọ bóyá omi ń yọ. “Àwòrán 3: ilé ìdáná, omi ń wá láti inú kànga ẹ̀yìnkùlé” ló yanjú ìyẹn. Irú ìwé tó wà lórí ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, yálà èyí tí gómìnà fọwọ́ sí ni àbí ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ lásán.

Nọ́ńbà ló máa ń dalẹ̀ jù. Bí ẹ bá yọ àwòrán 4 kúrò lẹ́yìn tí ìkéde ti jáde, àwòrán 5 á di 4, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín kò ní yí ara rẹ̀ padà. Ẹni tí ẹ ní kó wo yàrá ńlá á bá ara rẹ̀ nínú yàrá mìíràn, á sì máa rò pé ẹ fi nǹkan pa mọ́. Ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ ilé náà ní fóònù, kó máa gbá àwòrán bí ẹ ṣe ń ka ọ̀rọ̀ náà fún un. Ibi tó bá ti padà sẹ́yìn ni ẹ ti ní láti tún kọ.

Tí yàrá kan kò bá sì ní àwòrán, ẹ sọ ìdí rẹ̀: “Ayálégbé ṣì wà nínú yàrá kẹta, ẹ lè wò ó tí ẹ bá wá.”